'Ìlà kan tí mo kọ sábẹ́ pọ́díkáàsì wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá àlejò wa'

Àwọn ọ̀dọ́ ọmọ Yorùbá kan tó ń ṣe pọ́díkáàsì ní ìlú Dúálà, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ló ké sí akọ̀ròyìn kan pé kó wá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ tó máa ń wà lábẹ́ ètò kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá wọn sọ rèé.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àkọsílẹ̀ abẹ́ ètò, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń tẹ̀ sábẹ́ pọ́díkáàsì yín lẹ́yìn tí ẹ bá gbohùn tán: kí ni ètò náà dá lé, ta ni àlejò, ìṣẹ́jú wo sì ni ọ̀rọ̀ wo ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa ń fi iṣẹ́ yìí sí ìparí pátápátá, nígbà tí oorun bá ti ń kun yín. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi jáwọ́.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan lọ fọ̀rọ̀ wá ìyá kan lẹ́nu wò ní New Bell níbí. Aṣọ ni màmá yìí ń tà. Ó ti lé ní 30 ọdún tí wọ́n ti wà ní Dúálà. Mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. A jókòó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọn, a gbé makirofóònù kékeré kan lé orí ìdì aṣọ, a sì gbohùn wọn fún wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 14. Nígbà tí a gé e tán, tí a yọ ariwo ọ̀kadà àti àwọn oníbàárà tó ń wọlé wá nájà kúrò, ó ku ìṣẹ́jú 52.

Ètò náà dùn. Inú wa dùn. Mo wá jókòó ní aago 11 alẹ́, mo sì fi ìṣẹ́jú 15 péré kọ àkọlé 10. Mi ò tún ohùn náà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo kàn ń fi ìka fà á síwájú láti fojú díwọ̀n ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, mo sì ń kọ ohun tí mo rántí láti ọjọ́ tí a lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan nínú àwọn àkọlé náà kà báyìí pé: "31:30 Bí mo ṣe ń fún àwọn aṣọ́bodè lówó kí ẹrù mi tó kọjá." Lókè rẹ̀, mo kọ orúkọ màmá ní kíkún. Mo tún kọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà, torí mo rò pé mo ń bá wọn polówó ọjà ni.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọ wọn ọkùnrin pè mí. Ẹnìkan ti ya àwòrán àkọlé yẹn lójú fóònù, wọ́n sì ti ń pín in kiri nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn oníṣòwò. Ẹni tó yà á ò gbọ́ ètò náà rárá. Àsìkò yẹn gan-an ni màmá ń tún ìwé ìgbélùú wọn ṣe. Ọmọ wọn ò bú mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, ibo ni màmá mi ti sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo sáré padà sídìí ohùn náà. Ohun tí màmá sọ rèé: "Nígbà yẹn, wọ́n á ní kí èèyàn mú nǹkan wá. Àwọn mìíràn ń fún wọn. Èmi ò lówó tí mo fẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ọjọ́ mẹ́ta ni mo sùn sí bodè."

Òdìkejì ohun tí wọ́n sọ gan-an ni mo kọ. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú tí mo kọ kò tọ́. Ìbéèrè náà bẹ̀rẹ̀ ní 31:10. Kó tó di 31:30, màmá ti sọ pé àwọn ò fún ẹnikẹ́ni lówó. Nítorí náà, ẹni tó bá tiẹ̀ tẹ àkọlé náà láti lọ gbọ́ ọ fúnra rẹ̀, ẹ̀rín wa ló máa kọ́kọ́ bá, kò ní gbọ́ gbólóhùn tó yẹ kó gbọ́.

Ẹni tó ń kà á lè má gbọ́ ohùn láéláé

Ẹ wò ó báyìí. Tí ẹ bá gbé ètò ìṣẹ́jú 52 jáde ní 96 kbps, ó máa tó mẹ́gábáìtì 37. Ẹni tó ń fi fúráǹkì ra dátà ní ìlú yìí máa kọ́kọ́ ka ohun tí ẹ kọ kó tó mọ̀ bóyá kí òun ná mẹ́gábáìtì yẹn tàbí kí òun má ná an. Ọ̀pọ̀ á kà á, wọ́n á sì kọjá lọ. Bákan náà, tí ẹnìkan bá tẹ orúkọ àlejò yín sínú Google, ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ ló máa jáde sí i. Ohun tí àlejò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ní ìṣẹ́jú 31 wà nínú fáìlì, kò sì sí bí ẹni tí kò ṣí i ṣe máa mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo wá ń ṣe látìgbà yẹn ni pé mi ò kọ ìlà kankan sílẹ̀ tí mi ò lè fi ìka tọ́ka sí gbólóhùn tó gbé e dúró nínú ohùn. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ fi hàn yín, màá sì fi ètò màmá yìí ṣe àpẹẹrẹ, torí pé mo tún gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ dúró de ohùn tó ti parí

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ẹ má ṣe sàmì àsìkò kankan sórí ohùn tí ẹ kò tíì gé tán. Ohùn wa jẹ́ wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 14 kí a tó gé e. Ọ̀rọ̀ tó wà ní ìṣẹ́jú 45 níbẹ̀ lè wá bọ́ sí ìṣẹ́jú 31 lẹ́yìn tí a gé e. Ẹ gé e tán, ẹ fi orin ìbẹ̀rẹ̀ sí i, ẹ fi ìkíni sí i, ẹ gbé e jáde bí àwọn èèyàn ṣe máa gbọ́ ọ, kí ẹ tún wá ṣí fáìlì tó jáde yẹn fúnra rẹ̀ láti sàmì sí i.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní òun ti kọ ìṣẹ́jú sílẹ̀ kí òun tó rántí orin ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kan wà láti mọ irú àṣìṣe tí ẹ ṣe. Ẹ tẹ àmì tó tẹ̀lé ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo bí ó ṣe jìnnà sí ibi tó yẹ kó wà. Ẹ tún tẹ àmì tó kẹ́yìn. Tí méjèèjì bá fi ìṣẹ́jú àáyá 40 kù káàtó, a jẹ́ pé nǹkan kan ni ẹ fi kún ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti sàmì. Ẹ fi 40 kún gbogbo wọn, ó ti parí. Ṣùgbọ́n tí ti ìbẹ̀rẹ̀ bá tọ́, tí ti ìparí wá jìnnà síbi tó yẹ, a jẹ́ pé ẹ gé nǹkan kan kúrò láàárín. Kò sí ìṣirò tó máa tún ìyẹn ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, àfi kí ẹ wá ibi tí ẹ gé.

Irú kan tún wà tí ẹ̀bi rẹ̀ kì í ṣe tiyín. Àwọn iléeṣẹ́ kan tó ń bá èèyàn gbé pọ́díkáàsì sórí ayélujára máa ń fi ìpolówó ọjà sáàárín ètò fúnra wọn nígbà tí ẹni tó ń gbọ́ bá ṣí i. Ẹni tó wà ní Dúálà lè gbọ́ ìpolówó ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́ ti ìṣẹ́jú kan. Àmì àsìkò kan ò lè tọ́ fún àwọn méjèèjì. Tí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ ń lò, ẹ wò ó bóyá ẹ lè sọ fún wọn pé ìparí ni kí wọ́n máa fi ìpolówó sí. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ kọ ọ́ sókè àkọsílẹ̀ yín pé ìṣẹ́jú lè sún díẹ̀ nítorí ìpolówó.

Ẹ sàmì bí ẹ ṣe ń gbọ́

Audacity ni mo ń lò, torí ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ mi. Ẹ ṣí fáìlì tó ti parí níbẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sétí, kí ẹ jẹ́ kó máa lọ. Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá yà sí ibòmíràn, ẹ tẹ `Ctrl+M`. Lórí kọ̀ǹpútà Mac, `Cmd+.` ni. Àmì kan á jáde síbi tí ohùn dé lásìkò náà gan-an, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta sínú rẹ̀, ohùn á sì máa lọ ní tirẹ̀. Ẹ má ṣe wá àkọlé tó dára níbí o. Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín máa fi rántí nìkan ni kí ẹ kọ. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ lọ sí `File`, lẹ́yìn náà `Export Other`, lẹ́yìn náà `Export Labels`. Fáìlì kékeré kan ló máa fún yín. Ti màmá rèé:

```
0.000000	0.000000	ibere
46.213000	46.213000	bi won se de
412.870000	412.870000	new bell
1108.402000	1108.402000	ogun baba
1870.655000	1870.655000	bode
2415.190000	2415.190000	omo ati ede
2790.048000	2790.048000	ile
```

Ìṣẹ́jú àáyá ni gbogbo nọ́ńbà yẹn. Nọ́ńbà méjì ló wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan nítorí pé àmì lè ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Tiwa jẹ́ ojú kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí méjèèjì fi bára mu. Ẹ gbàgbé ohun tó wà lẹ́yìn ojúàmì. Ẹ mú 1870, ẹ fi 60 pín in: ó lọ ní ìgbà 31, ó ku 10. Nítorí náà 31:10 ni. 412 yóò jẹ́ 06:52, 2790 yóò sì jẹ́ 46:30.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ń yọ ìṣẹ́jú àáyá 2 kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí ni pé ọwọ́ èèyàn máa ń pẹ́ ju etí lọ. Kí ẹ tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yà, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì, ẹni tó ń béèrè ìbéèrè ti lọ díẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ sínú ohùn kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀, ìmí tí wọ́n fà sínú nìkan ló máa gbọ́, kò sì ní pàdánù ohunkóhun. Ẹni tó bá bọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn tí ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀ á gbọ́ ìdáhùn láìmọ ohun tí wọ́n bi àlejò, ẹ sì ti rí ohun tí ìyẹn fà fún wa. Orí ìbéèrè ni kí àmì yín máa wà, kì í ṣe orí ìdáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní kọ̀ǹpútà, ẹ má bínú. Fóònù àti bébà tó. Ẹ tẹ ohùn, ẹ máa wo aago tó ń sáré lójú fóònù, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ ni.

Ẹ ó rí i pé 10 ni mo kọ́kọ́ kọ, ó wá di 7. Ọ̀rọ̀ tí kò bá tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, mi ò kì í fún un ní àmì tirẹ̀ mọ́, àyàfi tó bá jẹ́ pé òun gan-an ni àwọn èèyàn máa wá. Àkọlé tó bá pọ̀ jù a máa mú kí èèyàn kọ gbólóhùn tó jẹ́ àwàdà lásán bí ẹni pé kókó ọ̀rọ̀ ni.

Ta ló ṣe é?

Ó wá ku àkọlé. Ibi tí mo ti ṣubú nìyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n farabalẹ̀ níbí.

Mo máa ń gbọ́ ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn àmì kọ̀ọ̀kan kí n tó kọ àkọlé rẹ̀, mo sì máa ń bi ara mi pé: ta ló ṣe nǹkan yìí nínú gbólóhùn náà? Àlejò ni, àbí àwọn ẹlòmíràn, àbí ohun tí wọ́n ní wọ́n gbọ́? Nínú èdè wa, "wọ́n ní" àti "mo" jìnnà síra gan-an. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń tan èèyàn jẹ, òun ni "a". Tí àgbàlagbà bá sọ pé "a máa ń ṣe é nígbà yẹn", ó lè jẹ́ òun àti àwọn ará ilé rẹ̀, ó sì lè jẹ́ gbogbo aráyé ìgbà náà. Màmá tiẹ̀ sọ "àwọn mìíràn" ketekete, ṣùgbọ́n orí mi ti sọ ọ́ di "a" kí n tó délé, ọwọ́ mi wá sọ ọ́ di "mo".

Ohun kejì ni pé àkọlé kò gbọdọ̀ sọ ìbéèrè yín di ìdáhùn àlejò. Èmi ni mo béèrè nípa owó aṣọ́bodè. Ọ̀rọ̀ náà tẹnu mi jáde kó tó tẹnu màmá jáde. Àkọlé tó tọ́ síbẹ̀ ni ohun tí màmá fúnra wọn sọ pé ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn, ìyẹn ni "Ọjọ́ mẹ́ta ní ẹnubodè". Tí ẹ bá wò ó dáadáa, ó tiẹ̀ fani mọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rí i á fẹ́ mọ ohun tó dá ìyá àgbà dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìkẹta ni àmì ohùn. Ẹ padà wo fáìlì òkè yẹn, níbi tí mo tẹ "ogun baba" sí. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, èmi gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé kí ni mo ní lọ́kàn. Ṣé ogun tí bàbá wọn jà ni? Ṣé oògùn ni? Ogún ni, ilẹ̀ àti ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ nílé. Ẹ wo bí yóò ṣe rí tí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n bá kà á pé ìyá aláṣọ kan ní New Bell ń sọ̀rọ̀ nípa oògùn bàbá rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà lórí fóònù báyìí. Tí kò bá rọrùn láti fi àmì sí gbogbo àkọsílẹ̀, ẹ fi sórí àkọlé àti orúkọ èèyàn, ó kéré tán.

Tí àlejò bá ṣi ọdún sọ

Nínú ọ̀rọ̀ New Bell, tó bẹ̀rẹ̀ ní 06:50, màmá sọ bí àdúgbò náà ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì sọ pé ọdún 1916 ni àwọn ará Jámánì so Ọba Rudolf Duala Manga Bell rọ̀. Wọn ò parọ́, ọdún ló ṣì wọ́n lẹ́nu. 8 oṣù kẹjọ ọdún 1914 ni wọ́n pa á ní ìlú yìí, òun àti akọ̀wé rẹ̀, Ngoso Din. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó kọ̀ nígbà tí ìjọba Jámánì fẹ́ kó àwọn ará Dúálà kúrò lórí ilẹ̀ wọn létí odò, kí wọ́n lọ máa gbé ní New Bell. Ó ní ìyẹn lòdì sí àdéhùn tí àwọn ọba Dúálà bá wọn ṣe ní 12 oṣù keje ọdún 1884. 1916 ni ọdún tí ọwọ́ Jámánì bọ́ kúrò ní Kamẹrúùnù lẹ́yìn ogun. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọdún méjèèjì ti dàrú mọ́ra wọn lójú.

Kí ni kí èèyàn ṣe? Ẹ má ṣe gbé ọdún tí kò tọ́ sínú àkọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹnu àlejò ló ti jáde, torí pé tí ó bá ti di àkọlé, tiyín ni. Ẹ má sì gé ohùn àgbàlagbà láìsọ fún wọn. Mo lọ bá màmá, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọdún tí ẹ dá yẹn, mo rí i níbòmíràn pé 1914 ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé mo wà níbẹ̀ ni? Kọ èyí tó tọ́." Bẹ́ẹ̀ ni ìlà kékeré kan ṣe wọlé sísàlẹ̀ àkọsílẹ̀ náà pé ọdún tí a gbọ́ nínú ohùn ṣèèṣì ni, pé 1914 ni, àti pé àlejò wa mọ̀ sí àtúnṣe náà.

Orúkọ àlejò

Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ẹ bá délé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ àlejò. Kí ẹ tó pa makirofóònù, ẹ bi wọ́n: kí ni ẹ fẹ́ kí a máa pè yín? Báwo ni ẹ ṣe ń kọ ọ́? Iṣẹ́ wo ni kí a sọ pé ẹ ń ṣe? Kí ni ẹ kò fẹ́ kí a kọ? Kí ẹ wá kà á padà sí wọn létí, kí ìdáhùn wọn wà nínú ohùn tí ẹ gbà.

Ní ìlú tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ọ̀rọ̀ orúkọ ní wàhálà tirẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ Ṣọlá lè jẹ́ Chola lórí káàdì ìdánimọ̀, torí pé "ch" ni àwọn tó ń kọ ìwé ní Faransé fi ń gbé "ṣ" wa jáde. Èwo ni ẹ máa kọ? Èyí tí àlejò bá fẹ́ ni. Àwọn kan fẹ́ ti ilé, kí àwọn ará ilé lè dá wọn mọ̀. Àwọn kan fẹ́ ti káàdì nítorí iṣẹ́ wọn. Àwọn kan ò sì fẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Màmá ní orúkọ tí ọjà mọ̀ wọ́n sí tó, kí n sì yọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà kúrò. Mo yọ ọ́. Nọ́ńbà fóònù kì í wọlé sínú àkọsílẹ̀ tèmi rárá mọ́, àfi tó bá jẹ́ ti iṣẹ́ tí àlejò fúnra rẹ̀ ti gbé síta, tó sì ní kí n fi sí i.

Gbogbo rẹ̀ wá rí báyìí. Ìlà méjì àkọ́kọ́ sọ ẹni tí àlejò jẹ́ àti ohun tí ètò dá lé, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ fóònù máa ń fi hàn kí èèyàn tó tẹ̀ ẹ́ láti ka ìyókù. Àwọn àmì àsìkò ló tẹ̀lé e:

00:00 Ìbẹ̀rẹ̀ ètò
00:44 Bí màmá ṣe dé Dúálà
06:50 New Bell àti ìtàn ilẹ̀ rẹ̀
18:26 Ogún tí bàbá wọn fi sílẹ̀ nílé
31:08 Ọjọ́ mẹ́ta ní ẹnubodè
40:13 Títọ́ ọmọ láàárín Yorùbá àti Faransé
46:28 Ìdí tí mi ò fi ní padà sílé

Ẹ jẹ́ kí 00:00 máa wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ dà bíi pé kò wúlò. Tí ẹ bá gbé ètò yín sórí YouTube, kò ní pín in sí ìpín-ìpín tí ìlà àkọ́kọ́ ò bá jẹ́ 00:00, tí àmì ò bá tó mẹ́ta, tí wọn ò bá tò láti kékeré sí ńlá, tàbí tí ìpín kan ò bá tó ìṣẹ́jú àáyá 10. Tí ẹ bá rí i pé àwọn nọ́ńbà yín ṣeé tẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìlà abẹ́ fídíò ò pín, ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ohun tó kẹ́yìn tí mo fi kún iṣẹ́ mi nìyí. Màmá kì í fi bẹ́ẹ̀ ka nǹkan lójú fóònù. Fífi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kò lè ṣe wọ́n láǹfààní. Nítorí náà, mo ka àkọlé méjèèje sínú ohùn WhatsApp, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, mo fi ránṣẹ́ kí n tó gbé àtúnṣe náà jáde. Mo ti ní i lọ́kàn pé tí bodè nìkan ni wọ́n máa sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ohùn wọn padà wọlé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní ti bodè dára. Wọ́n ní, ṣùgbọ́n èyí tó kẹ́yìn yẹn ńkọ́? Wọ́n ní àwọn ò sọ pé àwọn ò ní padà sílé o, pé àwọn ọmọ àwọn nílé á gbọ́ ọ. Mo ṣí ohùn náà ní 46:28, mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Kò tíì tó àkókò" ni wọ́n sọ. Mo pa ìlà náà rẹ́, mo sì kọ "Kí ló ń dá mi dúró ní Dúálà". Mo kà á sí wọn létí lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Gbé e jáde."